Ìdí tí Wáì-fáì ilé wa fi ń fà, àti òfin tí mo dábàá

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìfaradà o. Ó ti tó oṣù kan tí gbogbo wa ti ń ráhùn pé Wáì-fáì pálọ̀ ti di ìgbín. Fídíò á dúró sójú kan, á máa pòòyì. Ẹni tó ń ṣe kíláàsì lórí fóònù ò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ mọ́. Àwọn kan ní ká lọ ra dátà tó pọ̀ ju èyí lọ, àwọn kan ní ẹnì kan wà nínú wa tó ń jẹ dátà ní àjẹkì. Mo fi alẹ́ mẹ́ta wo ọ̀rọ̀ náà. Dátà wa kò kéré, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olè nínú ilé. Ojú ọ̀nà tí nǹkan ń gbà jáde kúrò nínú ilé ló ń dí, àsìkò tó sì ń dí ní ìdí.

Ráútà tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn yẹn sọ̀rọ̀, bí fóònù ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà láàárín wọn. Ọ̀nà àbọ̀ ni fídíò àti fọ́tò ń gbà wá bá wa. Ọ̀nà àlọ ni ohun tí àwa ń fi ránṣẹ́ ń gbà jáde. Ọ̀nà méjèèjì kò fẹ̀ bákan náà rárá. Nígbà tí mo wọ̀n wọ́n ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí gbogbo ilé ṣì ń sùn, ọ̀nà àbọ̀ ń gbé mẹ́gábíìtì 18 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀nà àlọ ń gbé 4 péré. Ọ̀nà àbọ̀ nìkan ni àwọn tó ń ta dátà máa ń pariwo rẹ̀ nínú ìpolówó, ìdí nìyẹn tí ọkàn ẹnikẹ́ni kì í fi í lọ sí èkejì. (Mẹ́gábíìtì 8 ló wà nínú mẹ́gábáìtì kan. Nítorí náà, mẹ́gábíìtì 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan túmọ̀ sí pé fọ́tò kan tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 3 á lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà kó tó jáde tán.)

Ẹ rántí bí ilé epo ṣe máa ń rí nígbà tí epo bá wọ́n. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń fa epo. Ọkùnrin kan kó kẹ́ẹ̀gì ogún wá, ó tò wọ́n síwájú. Ọlọ́kadà tó fẹ́ ra lítà kan dúró sẹ́yìn wọn. Lítà kan kò lè gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ó di dandan kó dúró de kẹ́ẹ̀gì ogún. Bí ọ̀nà àlọ wa ṣe rí nìyẹn. Ohun gbogbo tó fẹ́ jáde nínú ilé ni ráútà máa ń tò sórí ìlà kan. Bí fóònù ẹnì kan bá ń kó fídíò ránṣẹ́, ìlà kún nìyẹn, ohùn ẹni tó ń pe ìyá rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù á sì dúró sẹ́yìn fídíò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn yẹn kéré gan-an.

Ibi tó ya èmi pàápàá lẹ́nu ni pé ìlà tó ń yọ wá lẹ́nu kò gùn rárá. Bí mẹ́gábáìtì kan péré bá tò sórí ìlà, mẹ́gábíìtì 8 nìyẹn. Tí ọ̀nà bá ń gbé 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó dé sẹ́yìn á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ohun tó wà lórí ìlà yẹn kò tó fọ́tò kan. Ṣùgbọ́n ẹ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ohùn yín máa pẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ ó máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara yín lẹ́nu títí ẹnì kan á fi gé e. Ìlà yìí kò sì ní tán nígbà tí fídíò ṣì ń lọ. Fóònù tó ń ránṣẹ́ kì í dẹwọ́ àfi tó bá rí i pé nǹkan ń sọnù lójú ọ̀nà. Ráútà tó bá ní àyè ìpamọ́ tó pọ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan sọnù, ó kàn ń tò wọ́n pamọ́ ni, fóònù á sì rò pé ọ̀nà là, á máa kó o wá.

Ẹnì kan lè béèrè pé: èmi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́, fíìmù ni mò ń wò, kí ló kàn mí nínú ọ̀nà àlọ? Ó kàn ẹ́. Bí nǹkan ṣe ń wọlé sínú fóònù rẹ, fóònù náà ní láti máa dá ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ lóhùn pé “mo ti rí èyí gbà, mú òmíràn wá.” Rìsíìtì kékeré ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà àlọ ló ń gbà. Tí rìsíìtì bá há sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì, ẹni tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ á dúró. Bí ọ̀nà àlọ ṣe ń ba ọ̀nà àbọ̀ jẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà àbọ̀ fúnra rẹ̀ ṣófo. Ká ra dátà sí i kò lè wo èyí sàn. A ó kàn máa sanwó ìlà ni.

Kí wá ló dé tó fi jẹ́ pé alẹ́ ló máa ń burú jù? NẸ́PÀ lọ́wọ́ sí i. Àwọn fóònù kan kì í kó fọ́tò pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì àfi tí wọ́n bá wà lórí Wáì-fáì tí wọ́n sì wà lórí iná. Àwa wá ń gbé ní Agbowó, níbi tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀sán. Tí iná bá dé ní nǹkan bí aago méje alẹ́, gbogbo wa á pariwo “Up NẸ́PÀ,” gbogbo wa á ki fóònù bọ iná láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Fọ́tò àti fídíò ọjọ́ gbogbo á wá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Àsìkò yẹn kan náà ni gbogbo àdúgbò ń lo òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí òpó fúnra rẹ̀ ti ń mí gúlegúle.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí fèrèsé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, kí ẹ tẹ méjèèjì yìí lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
ping 192.168.0.1
ping 8.8.8.8
```

Àkọ́kọ́ ń kan ilẹ̀kùn ráútà wa, ó sì ń ka iye àkókò tó fi dáhùn. Èkejì ń jáde lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lóru, tí ilé pa rọ́rọ́, ráútà dá mi lóhùn ní mílísẹ́kọ́ńdì 3, ti ìta ní 48. Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ráútà ṣì ń dáhùn ní 3, ṣùgbọ́n ti ìta ti di 1,900, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá méjì ó dín díẹ̀. Tó bá jẹ́ inú ilé níbí ni wàhálà wà, àkọ́kọ́ ló yẹ kó bàjẹ́. Èkejì nìkan ló bàjẹ́, ó túmọ̀ sí pé ìlà wà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. Mo bá wọ ojú ìwé ráútà láti wo ẹ̀rọ tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ jù. (Orúkọ fóònù àti iye dátà nìkan ló ń hàn níbẹ̀ o, kì í ṣe ohun tí ẹ ń wò. Ẹ fọkàn balẹ̀.) Fóònù tó wà lókè pátápátá, tèmi ni. Fídíò ìgbéyàwó tí mo yà ní ọjọ́ Sátidé, gígábáìtì 4, ló ń lọ. Mo pa á, iye èkejì já bọ́ sí 60 lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ dátà ní àjẹkì nínú ilé yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí.

A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ní ọdún 2010, Jim Gettys, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, bá irú rẹ̀ pàdé nínú ilé tirẹ̀ nígbà tó ń fi fáìlì ránṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kà sí i lè tẹ `bufferbloat`, orúkọ tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ nìyẹn.

Ohun tí mo dábàá rèé. Ráútà wa ní ibì kan tí wọ́n kọ `Bandwidth Control` sí. Mo fẹ́ kí á fi ibẹ̀ dín ohun tí gbogbo ilé lè fi ránṣẹ́ kù sí mẹ́gábíìtì 3, kí fóònù kan má sì lè kọjá 1, láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago méjìlá òru. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ aṣiwèrè pé ká dín ọ̀nà kù kó lè yára. Ṣùgbọ́n tí ohun tó ń jáde kò bá tó ohun tí ọ̀nà lè gbé, ìlà kò ní gùn ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. Mo dán an wò fún wákàtí kan ní ọjọ́rú: fídíò mi ń lọ, iye èkejì kò sì kọjá 90.

Lẹ́yìn aago méjìlá òru, kí á ṣí i sílẹ̀. Fídíò gígábáìtì 4 tó máa gba nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án ní mẹ́gábíìtì 1, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló máa gbà ní 4, nígbà tí a bá ti sùn. Ìmúdójúìwọ̀n láptọ́ọ̀pù àti géèmù ńláńlá náà, òru ni kí wọ́n máa wọlé. Ẹni tó bá ní ìdánwò tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò, kó kọ aago rẹ̀ sórí pátákó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí àwọn yòókù pa ìfipamọ́ fọ́tò ní wákàtí yẹn. Ọ̀rọ̀ owó kò yí padà, iye tí kálukú ń dá ló ṣì máa dá.

Kò ní tún gbogbo nǹkan ṣe. Tí òpó bá kún débi pé ọ̀nà àlọ já sí mẹ́gábíìtì 2, ààlà 3 wa kò wúlò nìyẹn, a máa ní láti fà á wálẹ̀ sí i. Yàrá ẹ̀yìn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ògiri mẹ́ta ló wà láàárín rẹ̀ àti ráútà, ohùn Wáì-fáì sì máa ń rẹlẹ̀ kó tó débẹ̀, fóònù ibẹ̀ á wá máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lórí Wáì-fáì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹni tó ń fà á ń jẹ àsìkò àwọn yòókù. Bí ẹnikẹ́ni ò bá bínú, mo fẹ́ gbé ráútà kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sókè ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Wáyà ínfátà ó débẹ̀, mo ti wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n yàrá iwájú ló máa mú ọ̀rọ̀ àṣírí ráútà lọ́wọ́, kì í ṣe èmi, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mò ń fi ààlà sí tiyín tí mo ṣí tèmi sílẹ̀. Mo ti pa ìfipamọ́ fọ́tò tèmi láti àná. Ẹni tí kò mọ ibi tí tirẹ̀ wà, kó gbé fóònù wá sí pálọ̀ ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn tí a bá gbálẹ̀ tán, ká jọ wá a.