Òtútù ọ̀sà kì í dé ẹ̀dọ̀fóró, èéfín ló ń dé ibẹ̀

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìyá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ wá bá mi ní kùtùkùtù. Súwẹ́tà méjì ló wọ̀ fún un, fìlà onírun wà lórí, ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀. Rọ́ọ̀bù tó fi kun àyà ọmọ pọ̀ débi pé òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí àwọn méjèèjì tó wọlé.

"Anti nọ́ọ̀sì, ẹ ṣàánú mi. Òtútù ọ̀sà ti wọ ọmọ mi láyà. Ọkọ̀ aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí la wọ̀ lánàá."

Mi ò bá a jà. Òtútù àyà ni àwa fúnra wa ń pe àrùn náà, orúkọ yẹn sì ti dá òtútù lẹ́bi kí ẹnikẹ́ni tó rojọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ṣe ni afẹ́fẹ́ tútù gba imú wọlé, tó gba ọ̀fun sọ̀kalẹ̀, tó wá lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró bíi yìnyín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀pẹ́ fi ń pa fáànù lóru nítorí ọmọ, bí ooru tilẹ̀ ń mú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù kì í dé ẹ̀dọ̀fóró ní tútù. Imú ti gba òtútù yẹn lára rẹ̀ lọ́nà.

Ihò imú tí à ń rí lóde kì í ṣe ọ̀nà tó lọ gbọrangandan. Bí èèyàn bá wọlé díẹ̀, á bá pẹpẹ mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, egungun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yọ jáde lára ògiri imú, ọ̀kan lórí èkejì, tí wọ́n ká kọ́rọ́dọ́ sísàlẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín wọn ò ju mílímítà díẹ̀ lọ. Awọ rírọ̀ ló bò wọ́n, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sì kún abẹ́ awọ náà fọ́fọ́. (Ẹni tí wọ́n ti gbá nímú rí mọ bí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ṣe máa ń yá.) Afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ ò lè sáré kọjá. Ṣe ló ń yí kiri, tó ń fara nu ògiri gbígbóná tí ọ̀rinrin wà lára rẹ̀.

Ká ní afẹ́fẹ́ àárọ̀ ọyẹ́ lórí ọ̀sà jẹ́ dígírì 22. Ara wa jẹ́ 37. Àwọn tó fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ inú yàrá bí èèyàn ṣe ń mí in rí i pé kó tó dé ẹ̀yìn imú, níbi tó ti fẹ́ yà sí ọ̀fun, ó ti gbóná tó nǹkan bí 32 sí 34. Ìrìn sẹ̀ntímítà 10 péré nìyẹn. Ọ̀nà ọ̀fun á parí èyí tó kù. Nígbà tó bá fi máa kọjá ibi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì, ó ti di 37, ọ̀rinrin tó lè gbà sì ti pé lára rẹ̀. Ì báà ṣe fáànù, ì báà ṣe ọyẹ́, bákan náà ni gbogbo wọn ń rí nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Omi tí imú ń ná sórí iṣẹ́ yìí ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Lítà kan afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè má ní ju mílígíráàmù 9 omi nínú. Èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ní 44. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí bíi lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọ̀sán àti òru, omi tí ara gbọ́dọ̀ bù sínú afẹ́fẹ́ ju ìdajì píọ̀ wọ́tà kan lọ. Imú gbọ́n, ó máa ń gba díẹ̀ padà bí a bá ń mí síta. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ rọra fi imú mí sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kí ẹ wá ya ẹnu gbàgà, kí ẹ sì mí "hà" síbì kan náà. Ti ẹnu ló gbóná jù. Ti imú ti fi díẹ̀ nínú ooru àti omi rẹ̀ sílẹ̀ de afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ wọlé.

Mi ò ní kí ẹ bọ́ súwẹ́tà lára ọmọ o. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè gbẹ ikun imú, kí imú dí, kí àìsàn rọ́nà wọlé díẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée náà mọ ohun tí afẹ́fẹ́ tútù ń ṣe sí i bó bá sáré. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn ló ń fa òtútù àyà. Rọ́ọ̀bù náà, títa tó ń ta ló ń tan èèyàn jẹ pé imú ti là. Kò là jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi sí ihò imú ọmọ ọwọ́ láé.

Mo bi ìyá náà pé irú ọjà wo ló ń tà. Ó ní ẹja yíyan ni, ọjà Olúwo ló ti ń ra tútù. Ta ló ń mú ọmọ dání bó bá ń yan án? "Ẹ̀yìn mi ló ń wà, anti." Láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, nídìí ààrò, nínú ilé páànù tí kò ní fèrèsé.

Imú lágbára lórí eruku ńlá. Irun ẹnu ọ̀nà á mú díẹ̀, ikun tó ń lẹ̀ á mú èyí tó pọ̀. Lórí awọ inú lọ́hùn-ún ni irun wínníwínní wà, ojú lásán ò lè rí wọn. Wọ́n ń jù síwá sẹ́yìn ju ìgbà mẹ́wàá lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì ń ti ikun náà lọ sí ọ̀fun, níbi tí a ti ń gbé e mì láìmọ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, eruku tó wọlé ti ń lọ sínú àpòlúkù. Èyí tó dúdú tí àwọn ayanja ń rí nínú áńkáṣíìfù ni apá tí imú rí mú. Púpọ̀ nínú èéfín igi kéré ju ohun tí ikun lè mú lọ. Kì í kan ògiri rárá, á bá afẹ́fẹ́ sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, á máa ba ibẹ̀ jẹ́ títí agbára á fi tán lára rẹ̀ láti lé kòkòrò àrùn dànù. Ọmọ tó ń gbé nínú èéfín ìdáná sì máa ń ní òtútù àyà ju ọmọ tí kò gbé inú rẹ̀ lọ.

Mo ní kó bọ́ súwẹ́tà méjèèjì kí n lè rí àyà ọmọ. Mo wo aago, mo ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan nígbà tó dákẹ́ ẹkún: 56. Ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá tó bá mí tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ń wúkọ́, òtútù àyà la ó kà á sí. Tó bá ti pé ọdún kan, 40 ni. Bí ìsàlẹ̀ ìhà ọmọ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, ọ̀rọ̀ ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọsibítù ńlá ni. Tirẹ̀ ò wọnú. Mo fún un ní amọkisilíìnì ọjọ́ márùn-ún, mo sì ní kó fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ bó bá ti fẹ́ dáná ààrò.

Mi ò lè búra pé èéfín ló ṣe é. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n padà wá, mo tún ka èémí ọmọ, 38. Ó ní òun ti gbé ààrò síta, ọmọ sì wà lọ́dọ̀ màmá. Fìlà onírun náà ṣì wà lórí ọmọ ṣá, òógùn sì ń ṣàn sí i lójú.