Kí ló dé tí a fi ń gbọ́ ìlù lẹ́yìn ilé, tí a kò sì rí onílù?

Onílù kan dúró sẹ́yìn ilé, ìwọ wà níwájú. Ògiri wà láàárín yín, o kò rí i rárá, síbẹ̀ o ń gbọ́ dùndún rẹ̀ ketekete. Ìgbì ni ìró, ìgbì náà sì ni ìmọ́lẹ̀. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi mọ igun ilé í yà, tí èkejì kò mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ìlù. Bí kọ̀ǹgọ́ bá ti ba awọ, awọ á máa gbọ̀n wọlé-jáde. Nígbà tó bá jáde, á fún afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ pọ̀. Nígbà tó bá wọlé, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tú ká. Èyí tó fún pọ̀ á ti èyí tó wà níwájú rẹ̀, bí èrò inú dánfó ṣe máa ń ti ara wọn nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò dé iwájú. Títì náà ló dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ẹnu ìlù kì í rìn dé etí rẹ.

Iye ìgbà tí awọ gbọ̀n lọ-bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni à ń pè ní fíríkúẹ́ńsì. Háàsì la fi ń wọ̀n ọ́n, Hz la sì ń kọ. Bí onílù bá fún okùn dùndún mọ́ra lábẹ́ apá, awọ á le, á máa gbọ̀n léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohùn á sì kúrò ní dò bọ́ sí re, títí dé mí.

Áńpílítúùdù yàtọ̀ sí èyí. Bí awọ ṣe kúrò jìnnà tó sí ibi tó máa ń sinmi sí ni. Bí onílù bá nà án kíkankíkan, ìró á pọ̀, ṣùgbọ́n dò kò tìtorí ìyẹn di mí. Nínú ìdánwò, àárín sí òkè ìgbì la ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Gígùn ìgbì ló kù: àlàfo tó wà láti ibi tí afẹ́fẹ́ ti fún pọ̀ dé ibi tó tún ti fún pọ̀ tẹ̀ lé e. Òfin tó so ó pọ̀ mọ́ fíríkúẹ́ńsì nìyí:

v = f × λ

v ni ìyára, f ni fíríkúẹ́ńsì, λ ni gígùn ìgbì. Ìró máa ń rìn tó mítà 340 nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ohùn dò ìlù wa jẹ́ 170 Hz. 340 ÷ 170 jẹ́ 2, gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ mítà 2 nìyẹn. Bí onílù bá fún okùn títí ó fi di 340 Hz, mítà 1 péré ló kù. Ìyára ìró nínú afẹ́fẹ́ kò yí padà, nítorí náà bí ọ̀kan bá pọ̀, èkejì gbọ́dọ̀ kéré.

Ìmọ́lẹ̀ ń kọ́? Òun náà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ la fi ń mọ àwọ̀, áńpílítúùdù rẹ̀ la fi ń mọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n agbára iná mànàmáná àti ti mágínẹ́ẹ̀tì ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀, ó sì ń gbọ̀n dábùú ọ̀nà tó ń tọ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú ìró ń lọ-bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. (Ìlà tó ń lọ sókè-sódò tí ìwé fi ń ya ìró máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ: bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó ni ìlà náà ń fi hàn, kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ ń fò.)

Ìmọ́lẹ̀ kò nílò afẹ́fẹ́ rárá. Ní nǹkan bí ọdún 1660, Robert Boyle so aago kan rọ̀ sínú ìgò, ó ń fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde. Ìró aago ń rẹlẹ̀ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́, síbẹ̀ ó ń rí aago náà kedere.

Ó wá ku igun ilé. Ìgbì a máa yà dáadáa bí ohun tó dí i lọ́nà kò bá fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju gígùn rẹ̀ lọ. Ti ìlù wa jẹ́ mítà 1 tàbí 2, ògiri ilé kò pọ̀ jù fún un. Ti ìmọ́lẹ̀ pupa kò ju nǹkan bí 0.0007 mìlímítà lọ, ògiri yẹn sì ju agbára rẹ̀ lọ fíìfíì. Bí o bá fẹ́ rí i kí ìmọ́lẹ̀ yà, àfi kó o fún un ní àlàfo tó há gan-an. Gbé ìka méjì síwájú ojú kan, kó o dojú kọ gílóòbù tó ń tàn, kó o wá fún wọn mọ́ra títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín á yọ láàárín wọn.