Ibi tí oògùn tí à ń kán sí imú ti wá, àti ohun tó ń jẹ́ kó dí imú padà

Tí ẹ bá bi mí pé ibo ni oògùn imú dídí ti wá, Ṣáínà ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, torí ara igi ibẹ̀ kan ló ti wá. Igi kúkúrú kan wà níbẹ̀ tí ewé ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn, ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀ ló kún ara ẹ̀, máhuáng ni wọ́n ń pè é. Huáng yẹn, àwọ̀ ìyeyè ni, má yẹn sì ni orúkọ ewéko tí wọ́n fi ń ṣe okùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń sọ pé ara kú tipiri, èmi sì gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ fi ahọ́n tọ́ ọ wò ló sọ ọ́ lórúkọ, torí ó máa ń mú ahọ́n kú díẹ̀. Ó ti wà nínú ìwé egbòogi wọn tí wọ́n fi orúkọ Shennong, ọba àtijọ́ inú ìtàn wọn, pè, ìyẹn ti tó bí 2000 ọdún sẹ́yìn. Ikọ́, òtútù àti èémí tí ò já gaara ni wọ́n ń sè é fún. Mo máa ń fojú inú wo ìyá àgbà kan tó gbé ìkòkò kaná nínú ọyẹ́, tó bo ọmọ lórí síbi ooru ẹ̀, tí imú ọmọ náà sì là kó tó mu ún rárá.

Ní 1885, Nagai Nagayoshi, ọmọ Jàpáànù tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Bẹ̀líìnì, yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú igi yìí jáde, òun ni èfẹ́dírìn. Kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ìgbà tó di 1923 ni Chen Kehui, onímọ̀ oògùn ọmọ Ṣáínà, padà délé sí Pékìn, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan tó ń ṣe egbòogi ló sọ fún un pé kó yẹ máhuáng wò, ni òun àti Schmidt, akẹgbẹ́ ẹ̀, bá fún ajá lábẹ́rẹ́ ẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ajá náà sì lọ sókè. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí i pé Nagai ti ṣe é ṣáájú. Àwọn kan á ní adirẹnalíìnì, èyí tí Takamine, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Jàpáànù, yọ látara ẹran ní 1901, ni bàbá oògùn imú. Òótọ́ ni pé ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń tán lára, èfẹ́dírìn ló pẹ́, ọ̀rọ̀ wọn ò sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, náfásólìn dé, sáílòmẹtasólìn tẹ̀lé e, òkísímẹtasólìn dé láyìíká 1961, ìkankan ń pẹ́ lára ju èyí tó ṣáájú ẹ̀ lọ. Nílé wa níbí, èfẹ́dírìn ṣì wà ní kẹ́míìsì nínú ìgò kékeré. Ẹ má wo orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú páálí, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ ka lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn ẹ̀. Tí ẹ bá rí èfẹ́dírìn, tàbí orúkọ tó parí sí z-o-l-i-n-e, ìdílé yẹn náà ni. Omi iyọ̀ lásán ò sí lára wọn, èyí tó ní fulutikasóònù, oògùn sitẹ́rọ́ìdì tó ń mú kí inú imú tó wú fà, náà ò sí lára wọn.

Imú ní ẹran rírọ̀ kan nínú tó ń gba ẹ̀jẹ̀ bíi kànìnkànìn. Ara fúnra ẹ̀ ń tú ohun kan tó ń jẹ́ nọradirẹnalíìnì sílẹ̀ láti fún un pọ̀, tí òtútù bá mú wa ló máa ń wú. Oògùn yìí ló wá ń ṣe iṣẹ́ yẹn, imú á là láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ń kán an lójoojúmọ́, ara á dín tirẹ̀ kù, ibi tí oògùn ń kàn á sì ti kú sí i, nítorí náà bó ṣe ń tán báyìí ni ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, imú á dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà kan tó ń jẹ́ Fox ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1931. Ìdí nìyẹn tí páálí míì fi ń sọ pé ọjọ́ 3, òmíì ọjọ́ 7, kò kọjá bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan lo tiẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Òtútù ti lọ tipẹ́, kò sín, imú ò yún un, ó kàn ń dí ṣáá, ìgò wà lábẹ́ ìrọ̀rí, aago méjì òru á sì jí i. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé inú imú ẹ̀ pupa fòò. Ó ní kó dá ihò ọ̀tún dúró pátápátá, kó máa kán ti òsì nìkan, kó sì máa fín fulutikasóònù sí méjèèjì lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ le, ó ní ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fi òwú dí ihò ọ̀tún. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀tún ti là, ó sì dá ti òsì dúró náà.