Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ UPF 50+ sí: kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ gan-an?

Bùọ̀dá mi tó ń dáko lọ́nà Ìsẹ́yìn ra ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn kan nínú òkìríkà, ó wá ṣí ọrùn ẹ̀ hàn mí, ó ní "ìwọ télọ̀, kí ni UPF 50+ tí wọ́n kọ síbí, ṣé sáìsì ni?" Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

Kì í ṣe sáìsì o. Ṣé ẹ rí oòrùn yìí, yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ tá à ń rí àti ooru tó ń mú wa, ìtànṣán kan tún wà nínú ẹ̀ tí ojú ò lè rí, ọ́ltrafáyólẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń jó awọ ara, tó ń jẹ́ kó tètè hunjọ, òun náà ló sì lè fa jẹjẹrẹ awọ. UPF ni wọ́n fi ń wọn bí aṣọ ṣe ń dí i lọ́nà tó. Tí wọ́n bá kọ 50, nínú ìdá àádọ́ta tó bá bọ́ lé aṣọ yẹn, ìdá kan péré ló máa kọjá dé ara yín. Tí + bá wà níwájú ẹ̀, ohun tó ń kọjá ò tiẹ̀ tó yẹn. Àwọn ará Ọsirélíà ló kọ́kọ́ gbé ìlànà wíwọ̀n ẹ̀ jáde ní 1996, torí oòrùn ń jó wọn gan-an lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká fi ti bùọ̀dá mi ṣírò ẹ. Aago mẹ́jọ ló ń wọko, aago mẹ́rin ló ń jáde, ìṣẹ́jú 480 nìyẹn. Tíṣáàtì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pín nígbà ìbò, nọ́ńbà tiẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 5 sí 7. Tá a bá fi 5 pín 480, 96 ló máa fún wa, ìyẹn ni pé pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, bíi kó bọ́ra sílẹ̀ nínú oòrùn fún wákàtí kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ 50, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ihò ló fa ìyàtọ̀ yẹn jù. Aṣọ tí wọ́n hun, òwú tó dúró lóòró àti èyí tó gba ìbú ló pàdé ara wọn, àlàfo tó bá wà láàárín wọn, fèrèsé ni fún oòrùn. Jíìnsì ò láàyè rárá, kíjìpá táwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ń wọ̀ náà ki, àmọ́ lẹ́ẹ̀sì, ihò la fowó rà níbẹ̀. Ẹ na aṣọ yín sókè sí ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń rí ìka yín, oòrùn náà ń rí yín nìyẹn.

Ti àwọ̀ ló máa ń dàjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé funfun ló dáa fún oòrùn. Ká sọ pé ooru nìkan là ń sọ, wọ́n rí i sọ. Àmọ́ aró ló ń fa ìtànṣán yẹn mu kó tó dé ara, torí náà tẹ́ ẹ bá gé aṣọ kan náà sí méjì, tẹ́ ẹ rẹ ọ̀kan láró, èyí tẹ́ ẹ rẹ yẹn ló máa dáàbò bò yín jù. Ó máa ń gbóná lóòótọ́, èmi máa ń rán an gbòòrò ni kí atẹ́gùn lè ráyè gbabẹ̀. Rírán an gbòòrò tún dáa torí tí aṣọ bá fún mọ́ra, ṣe ló ń na ihò ẹ̀ tóbi. Òógùn náà ń bà á jẹ́, tíṣáàtì funfun tó bá ti rin ṣinṣin lè já wálẹ̀ sí bíi 3.

Àǹtí mi tó ń ta tòmátò ní Bódìjà ní òun ò nílò gbogbo ìyẹn, òun ní ańbùrẹ́là. Ó ń ṣèrànwọ́ lóòótọ́, àmọ́ ìtànṣán yẹn ń ti ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọlé, ó tún ń ta padà látilẹ̀, apá tó wà níta ṣì ń gbà á. Awọ dúdú tiwa ń gbèjà wa díẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn àfín ló yàtọ̀ pátápátá, awọ tiwọn ò ní ààbò yẹn, tí àfín bá ń tajà ní gbangba, aṣọ tó ki tó bo apá àti ọrùn, pẹ̀lú fìlà etí gbòòrò, ló yẹ kó wọ̀ lójoojúmọ́.

Ká padà sórí ṣẹ́ẹ̀tì òkìríkà yẹn. Aṣọ tuntun tó gbẹ, tí wọn ò fà, ni wọ́n fi wọn 50 yẹn. Mo ní kí bùọ̀dá nà án sókè, ẹ̀yìn ẹ̀ ki dáadáa, àmọ́ ní èjìká méjèèjì tó ti ṣá, mo ń ka ìka ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo bá gé àjákù jíìnsì méjì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ látinú. Ó ní mo ti sọ ọ́ di ṣẹ́ẹ̀tì ṣọ́jà, àmọ́ ó wọ̀ ọ́ lọ oko lọ́jọ́ kejì.