Ẹ má gé ìsàlẹ̀ sikirínṣọ́ọ̀tì yín mọ́

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ẹni mẹ́rin ló fi sikirínṣọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ti sanwó ọjà. Mẹ́ta nínú wọn ti gé àwòrán náà lókè tàbí nísàlẹ̀ kó lè dùn ún wò. Ẹnìkẹrin ò gé tiẹ̀ ní tirẹ̀, ó kàn fi àmì ọkàn pupa bo nọ́ńbà tí mo ń wá gan-an mọ́lẹ̀ ni. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé àwòrán yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfọ́ìsì tí olùpèsè mú wá, kí n sì sọ bóyá gbèsè ti tán tàbí kò tíì tán. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, ìjà kan náà ni mo sì ń bá àwọn oníbàárà mi jà láti ọjọ́ tí fóònù ti ń sanwó: wọ́n gbà pé àwòrán ni ìsanwó.

Àwòrán kì í ṣe ìsanwó. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹnì kan pàṣẹ fún báńkì ní àkókò kan. Bóyá báńkì ṣe é, bóyá owó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Iye owó ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí n fún yín ní ọgbọ́n kan tí àwa aṣírò-owó fi ń jẹun. Ká ní 486,500 ló wà lórí ínfọ́ìsì, tí 468,500 sì wà lórí sikirínṣọ́ọ̀tì. Ojú á yọ̀ kọjá lórí ẹ̀, torí nọ́ńbà kan náà ló wà níbẹ̀, méjì ló kàn pààrọ̀ àyè. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, 18,000 ló máa kù. Ẹ wá pín in sí 9, á jẹ́ 2,000 géérégé. Nígbàkigbà tí nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá pààrọ̀ àyè, 9 á pín ìyàtọ̀ yẹn láìṣẹ́kù. Pé 9 pín in kò túmọ̀ sí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn dandan, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wò, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òru.

Ẹ má sì fi ìlà Total wé ínfọ́ìsì. Amount ni kí ẹ wò. Total ti ní owó iṣẹ́ báńkì nínú, ìyẹn kì í sì í ṣe ti olùpèsè. Bí owó bá ń kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ OUR, SHA tàbí BEN sí. OUR ni pé ẹni tó ń sanwó ló ru gbogbo owó iṣẹ́. Bó bá jẹ́ SHA tàbí BEN, àwọn báńkì ojú ọ̀nà lè bu díẹ̀ lára ẹ̀, iye tó pé á wà lórí sikirínṣọ́ọ̀tì yín, olùpèsè á sì gba èyí tó dín. Kì í ṣe pé ó ń purọ́ fún yín.

Ní ti ọjọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ Pending, Processing tàbí Scheduled síbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tàbí ọjọ́ tí ẹ ní kó lọ lẹ̀ ń wò yẹn, owó ò tíì gúnlẹ̀. Tiransifá alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lè máà dé títí di ọjọ́ Ajé láwọn báńkì kan, bí ínfọ́ìsì bá sì ní ọjọ́ Sátidé ni gbèsè pé, ẹ ti pẹ́ nìyẹn. 03/04 tún ńkọ́? Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni àbí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta? Ẹ wo bí áàpù yín ṣe kọ ọjọ́ mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ ju 12 lọ, ẹ ó mọ èyí tó ń ṣe. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ ìsanwó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ ínfọ́ìsì. Àfi bó bá jẹ́ àsansílẹ̀, báwo lèèyàn ṣe máa san gbèsè tí wọn ò tíì kọ?

Ó wá ku réfẹ́rẹ́ǹsì, ibi tí ẹ̀jẹ̀ mi ti máa ń gbóná.

Nọ́ńbà méjì làwọn èèyàn ń pè bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí báńkì fúnra rẹ̀ kọ, tó máa ń gùn gbọọrọ, tí ẹ ó rí níbi tí wọ́n kọ Transaction Reference tàbí Session ID sí. Ìsanwó kan ṣoṣo ló ni ín. Èkejì ni èyí tí ẹ̀yin fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ síbi Narration, Remark tàbí Payment Reference. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ínfọ́ìsì gbọ́dọ̀ wà. Ti báńkì ń sọ ìsanwó tó jẹ́, tiyín ń sọ gbèsè tó wà fún. Ẹni tó bá ní ọ̀kan láìní èkejì ṣì ń wá nǹkan.

Kí ni mo wá ń rí níbi Narration? "Owó ọjà." "Ẹ ṣeun o." Ẹnì kan tilẹ̀ kọ "Ọlọ́run á túbọ̀ ṣe é" síbẹ̀. Àmín o, ṣùgbọ́n ínfọ́ìsì wo ni? Bí akọ̀wé olùpèsè ò bá rí nọ́ńbà, ínfọ́ìsì tó pẹ́ jù nínú gbèsè yín ló sábà máa ń fi owó náà sí. Ẹ̀yin lérò pé ẹ ti san ti oṣù yìí, òun ti fi pa ti oṣù tó kọjá tí ẹ ń bá a ṣàríyànjiyàn lé lórí. Àwọn olùpèsè mìíràn tiẹ̀ ń lo réfẹ́rẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RF, irú bíi RF18 5390 0754 7034. Inú àwọn nọ́ńbà yòókù ni wọ́n ti ṣírò méjì tó tẹ̀ lé RF yẹn, bí ẹ bá wá ṣi ọ̀kan tẹ̀, áàpù tó bá mọ̀ ọ́n á kọ̀ ọ́. Nǹkan tó dáa gan-an ni. Ẹni tó ronú ẹ̀, aṣírò-owó bíi tèmi ni yóò jẹ́.

Ti báńkì ńkọ́? Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọ́ sí, ìlà kan fún ìsanwó kan: nọ́ńbà ínfọ́ìsì, iye, ọjọ́, réfẹ́rẹ́ǹsì báńkì. Kí n tó kọ tuntun, mo máa ń wá a nínú àwọn tó ti wà níbẹ̀. Bí mo bá rí i, kì í ṣe ìsanwó tuntun, bó ti wù kí àwòrán náà tuntun tó. Ìdí nọ́ńbà náà ni kí ẹ sì fi wé ara wọn, torí ní ọ̀pọ̀ báńkì, iwájú rẹ̀ máa ń jọra láti ìsanwó kan sí òmíràn.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn kan tí wọ́n ń gbowó kọ́ àwọn oníṣòwò bí wọ́n ṣe lè fojú lásán mọ ayédèrú sikirínṣọ́ọ̀tì. Wọ́n á ní kí ẹ wo bí lẹ́tà ṣe tẹ̀, kí ẹ wo bóyá àwọ̀ báńkì ṣá. Ẹ jọ̀ọ́! Báńkì máa ń pààrọ̀ ìrísí áàpù wọn nígbà tó bá wù wọ́n, lẹ́tà fóònù kan ò sì jọ ti èkejì. Mo ti rí ojúlówó tó burú lójú, mo sì ti rí ayédèrú tó dán ju ojúlówó lọ. Mi ò mọ̀ ọ́n fi ojú mọ̀, èmi tí mo ti ń ṣe é látọjọ́ yìí. Sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì ni mo máa ń ṣí. Bí owó bá jáde, ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú réfẹ́rẹ́ǹsì rẹ̀, kó má sì sí ìlà mìíràn lábẹ́ rẹ̀ tó dá a padà.

Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ yìí ni mo kọ́ ọ, mo sì kọ́ ọ pẹ̀lú ìtìjú. Ọ̀gá kan tí mo ń bá ṣírò ń ra páálí ìkẹ́rù lọ́wọ́ olùpèsè kan lóṣooṣù, 240,000 ni iye rẹ̀ nígbà gbogbo. Ínfọ́ìsì 118 wọlé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta, ọ̀gá san án ní ọjọ́ 9, réfẹ́rẹ́ǹsì rẹ̀ parí sí 70316, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ínfọ́ìsì 126 wọlé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá fi sikirínṣọ́ọ̀tì ránṣẹ́ pé òun ti ní kí ọmọ òun san án. 240,000 ló wà níbẹ̀, orúkọ olùpèsè wà níbẹ̀, Successful wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ tí ọjọ́ àti réfẹ́rẹ́ǹsì ń gbé ni kò sí. Mi ò fẹ́ yọ ọ̀gá lẹ́nu. Mo kọ "ti san" síwájú 126.

Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, olùpèsè kọ̀wé pé ó ti di ọjọ́ mọ́kànlélógójì tí ínfọ́ìsì 126 ti wà nílẹ̀, òun ò ní kó páálí wá mọ́. Ọ̀gá dé sí mi lórí. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní o ti rí i?"

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ lódindi."

Ó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ 9 oṣù kẹta. 70316. Ó ti wà nínú ìwé mi níwájú 118 láti oṣù méjì. Àwòrán àtijọ́ ló ṣì mú nínú fóònù rẹ̀, ó sì gé e kó lè mọ́. Nígbà tí a ṣí sítétímẹ́ǹtì, a rí i pé lóòótọ́ ni ọmọ náà sanwó ní oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n báńkì dá a padà lọ́jọ́ kejì, Reversal sì wà níbẹ̀ gbangba. Ọ̀gá ti fi owó náà ra nǹkan mìíràn, ó rò pé èrè ni. Láti ọjọ́ yẹn ni olùpèsè ò ti ta àwìn fún un mọ́, àfi kó sanwó kí páálí tó gbéra. Mo ní láti jókòó níwájú ọ̀gá kí n ka ìlà tí èmi fúnra mi kọ. Kò sí ohun tí mo lè sọ pé ọmọ rẹ̀ ló fà á, nítorí bí mo bá ti rí réfẹ́rẹ́ǹsì kí n tó kọ "ti san", ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí.

Ọ̀gá yẹn ṣì jẹ́ oníbàárà mi títí dòní. Ní ọ̀sán àná, ó fi sikirínṣọ́ọ̀tì tuntun ránṣẹ́, iye pé, orúkọ pé. Mo fi ìka tì í lọ sókè lójú fóònù mi, mo ń wá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti gé e.