Bí Púùtù Bá Pọ̀ Lọ́jà Bitikọ́ìnì, Ta Ló Ń Rà Á, Ta Ló Ń Tà Á?

Ọ̀kan lára àwọn nọ́ńbà tí àwọn oníṣòwò Bitikọ́ìnì máa ń sáré wò ni èyí tí wọ́n ń kọ sójú ẹ̀rọ pé Put/Call Ratio. Bí ó bá gòkè, wọn a ní ẹ̀rù ti ń ba ọjà. Bí ó bá wálẹ̀, wọn a ní ọkàn àwọn èèyàn ti balẹ̀. Èmi náà ti kà á bẹ́ẹ̀ rí, owó ni mo sì fi kọ́gbọ́n. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń sọ, ibòmíràn la ó sì ti gbọ́ ààbọ̀ tó kù.

Ọ́púṣọ̀n jẹ́ àdéhùn tí a ń fi owó rà. Ẹni tó ra kọ́ọ̀lù ti ra ẹ̀tọ́ láti ra Bitikọ́ìnì ní iye àfẹnukò kan, ẹni tó sì ra púùtù ti ra ẹ̀tọ́ láti tà á ní iye àfẹnukò, ì báà jẹ́ pé ọjà ti já wálẹ̀ kọjá ibẹ̀. Bí wọ́n bá ṣòwò púùtù 12,000 àti kọ́ọ̀lù 20,000 lọ́jọ́ kan, a ó fi èkejì pín èkíní, yóò sì fún wa ní 0.6, èyí tó jẹ́ Put/Call Ratio ọjọ́ náà. Má ṣe rò pé 1 ni ààlà láàárín ìbẹ̀rù àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Nínú òwò Bitikọ́ìnì, kọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn jù, nítorí náà nọ́ńbà yìí sábà máa ń wà lábẹ́ 1 láìsí ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Bó ṣe rí lọ́sẹ̀ tó kọjá àti lóṣù tó kọjá ló yẹ ká fi wé.

Ibi tí wàhálà wà ni pé kò sí àdéhùn tí kò ní olùrà àti olùtà. Ẹni tó ra púùtù ń wá ààbò, ó sì ṣe tán láti sanwó fún un. Ẹni tó tà á ní tirẹ̀ gba owó lọ́wọ́, nítorí ó gbà pé ọjà kò ní já dé ibẹ̀, tàbí pé bó bá tilẹ̀ já dé ibẹ̀, inú òun yóò dùn láti rà á ní iye náà. Ọkàn àwọn méjèèjì jìnnà síra bí ọ̀run ṣe jìnnà sílẹ̀, síbẹ̀ àdéhùn kan ṣoṣo ni Put/Call Ratio kà á sí. Kí a tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ nínú àwọn méjèèjì, owó tí wọ́n san ló yẹ ká wò.

Ibẹ̀ ni IV, ìyẹn Implied Volatility, ti wọlé. Iye owó ọ́púṣọ̀n dúró lórí iye tí Bitikọ́ìnì jẹ́ báyìí, iye àfẹnukò, ọjọ́ tó kù kí àdéhùn parí, èlé owó, àti bí ọjà yóò ṣe máa lọ sókè lọ sódò tó títí di ọjọ́ náà. Gbogbo wọn la lè rí àfi èyí tó kẹ́yìn. Nítorí náà, owó tí wọ́n san gan-an ni a fi ń ṣírò padà sẹ́yìn láti mọ ìlọsókè-sódò tí ọjà ń retí. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí àwọn olùrà bá ya bo àdéhùn kan, owó rẹ̀ á wọ́n, IV rẹ̀ á gòkè. Bó bá jẹ́ àwọn olùtà ló pọ̀, á wálẹ̀.

DVOL tí Deribit, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ṣòwò ọ́púṣọ̀n Bitikọ́ìnì, ń gbé jáde ni wọ́n fi ń wo IV ọgbọ̀n ọjọ́ fún gbogbo ọjà lápapọ̀. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó túmọ̀ sí lójúmọ́, fi 19 pín in, nítorí 19 lọ́nà 19 súnmọ́ 365, iye ọjọ́ tó wà nínú ọdún. DVOL 57 yóò fún ọ ní 3. Bí Bitikọ́ìnì bá jẹ́ 100,000 dọ́là, ọjà ń retí pé, nínú ọjọ́ mẹ́ta, nǹkan bíi méjì ni kò ní yẹ̀ ju 3,000 dọ́là lọ sókè tàbí sódò. Kò sọ ìhà tó máa yẹ̀ sí o.

Ẹ jẹ́ ká wá fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Bitikọ́ìnì wà ní 100,000 dọ́là, púùtù 12,000 àti kọ́ọ̀lù 20,000 ti kọjá lọ́jà, Put/Call Ratio sì jẹ́ 0.6. Lójijì, òwò ńlá kan wọlé lórí àdéhùn tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ BTC-27MAR26-90000-P, ìyẹn púùtù tí iye àfẹnukò rẹ̀ jẹ́ 90,000 dọ́là, ó sì tó 5,000. Put/Call Ratio fò sí 0.85, ariwo sì ta pé ẹ̀rù ti dé. Ìwọ wo IV àdéhùn náà. Ká ní 58 ni kí òwò yẹn tó wọlé, tó sì di 64 lẹ́yìn rẹ̀, a jẹ́ pé olùrà ló ń kánjú. Ká ní ó wálẹ̀ sí 54 ńkọ́? Ẹnì kan ti ta ààbò fáwọn ẹlòmíràn nìyẹn, kò sì bẹ̀rù 90,000 rárá. Nọ́ńbà kan náà, ìtumọ̀ méjì.

Má sì ṣe dúró síbẹ̀, nítorí IV gbogbo àdéhùn lè gòkè pa pọ̀. Wá kọ́ọ̀lù tó parí lọ́jọ́ kan náà, tí iye àfẹnukò rẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sókè, ìyẹn 110,000. Bí púùtù bá wà ní 64, tí kọ́ọ̀lù wà ní 55, àlàfo náà jẹ́ 9. Bó bá jẹ́ 3 lánàá, ìbẹ̀rù ti wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí kọ́ọ̀lù náà bá ti gòkè sí 61, àlàfo ṣì jẹ́ 3, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ọjà ń retí ìgbì ńlá láìmọ ìhà tí yóò ti fẹ́. Lójú tèmi, àlàfo yìí ṣe pàtàkì ju Put/Call Ratio lọ.

Àṣìṣe tèmi wá láti inú pé mi ò wo àlàfo yìí. Mo rí i tí Put/Call Ratio fò, mo ta ìdajì ohun tí mo ní kí n tó mu omi àárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó wo IV, mo sì rí i pé ó ti ń wálẹ̀ láti òwúrọ̀. Olùtà ni. Ọjà kò já, owó tí mo fi rà á padà sì ju èyí tí mo gbà lọ.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ ká ka IV tó ga sí ìbẹ̀rù lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2020, Bitikọ́ìnì pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, IV sì fò sókè. Ṣùgbọ́n kí SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó fọwọ́ sí àwọn àpò ìdókòwò Bitikọ́ìnì ní ọjọ́ 10 oṣù Kíní ọdún 2024, IV ti ń gòkè bí iye owó náà ṣe ń gòkè. Ìretí ló gbé e sókè. Ìpinnu náà jáde tán, ó wálẹ̀.

Pàkúté míì wà nínú Put/Call Ratio tí wọ́n fi àwọn àdéhùn tó ṣì wà nílẹ̀ ṣírò, èyí tí wọ́n ń kọ Open Interest sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí Deribit, agogo mẹ́jọ àárọ̀ UTC lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn nínú oṣù ni àdéhùn oṣù máa ń parí. Bí kọ́ọ̀lù bá pọ̀ nínú àwọn tó parí ju bó ṣe pọ̀ nínú àwọn tó kù lọ, nọ́ńbà náà yóò fò sókè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ọkàn padà. Mo máa ń fo ọjọ́ náà dá.

Òwò onípele méjì náà wà, níbi tí ẹnì kan ti ra púùtù 90,000 tó sì ta ti 80,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Méjèèjì ni wọ́n á kà, ṣùgbọ́n IV ọ̀kan á gòkè, ti èkejì á wálẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024 pẹ̀lú, ọ́púṣọ̀n ti wà lórí IBIT, àpò ìdókòwò Bitikọ́ìnì ti ilé-iṣẹ́ BlackRock, ní Amẹ́ríkà, púùtù ibẹ̀ kò sì sí nínú èyí tí Deribit ń kà. Bí ohun tí mo rí ní Deribit bá ta ko ti IBIT, mi ò ní gba ẹ̀rí èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ́jọ́ yẹn.