Kókò ni àbí ewé eéran? Bí fọ́tò ewé ṣe ń fi fúláwà tó léwu fún ajá àti ológbò hàn

Ẹni tó bá ti bẹ kókò rí mọ̀ bó ṣe ń yún ni lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ wínníwínní tí ojú lásán ò lè rí ló ń fà á. Kálísíọ́mù ọ́ksáléètì ni wọ́n ń pè é, ó sì wà nínú ewé, nínú igi àti nínú iṣu kókò. Ọ̀pọ̀ fúláwà tí à ń gbé sí pálọ̀ nítorí ewé aláràbarà wọn, ẹbí kókò ni wọ́n: difẹnbákíà, lẹ́fúnlọ́sùn, mọ́ní pláǹtì. Abẹ́rẹ́ yẹn wà nínú gbogbo wọn.

Bí ajá tàbí ológbò bá rún irú ewé bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ náà á gún un ní ahọ́n àti ọ̀fun lójú ẹsẹ̀. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ iwájú ha ẹnu, á máa gbọn orí, ó sì lè bì. Kì í sábà pa á, àmọ́ bí ọ̀fun bá wú, mímí lè nira fún un.

Ohun tó ń dá ìṣòro sílẹ̀ ni pé ẹbí mìíràn wà tí ewé tirẹ̀ náà láràbarà, tí kò sì ní oró nínú. Ẹbí ewé eéran tí a fi ń wé mọ́ínmọ́ín nìyẹn. Kalatíà wà lára wọn. Tí wọ́n bá fi fọ́tò ewé kan ṣoṣo ránṣẹ́, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni láti mọ èwo nínú ẹbí méjèèjì ló ni ín. Èyí tí kò yẹ kéèyàn máa fi àkókò ṣòfò lé lórí ni bóyá irú kókò báyìí ni tàbí irú kókò bọ́hùn-ún, torí oró kan náà ló wà nínú wọn.

Lẹ́fúnlọ́sùn rọrùn: ó rí bí ewé kókò gan-an, ọ̀pá ewé rẹ̀ sì so mọ́ ẹ̀yìn ewé, kò so mọ́ etí rẹ̀. Difẹnbákíà àti kalatíà ló ń da ojú rú.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ajá kan ní Ìkẹ́nnẹ́ tó jẹ ewé kan ní fàráńdà. Fọ́tò àkọ́kọ́ jẹ́ ojú ewé nìkan, aláwọ̀ ewé tí funfun tò sí láàárín, wọ́n sì tan fíláàṣì sí i. Kò wúlò púpọ̀. Iná fíláàṣì ti mú kí ibi gbogbo funfun, ojú ewé nìkan kò sì lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Fọ́tò tó yẹ ni ti ìdí ọ̀pá ewé, níbi tó ti so mọ́ igi, kí wọ́n yà á ní ojúmọmọ, kí ọwọ́ èèyàn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Nínú fọ́tò kejì, igi kan tó nípọn dúró bí ìrèké, òrùka òrùka wà lára rẹ̀ níbi tí ewé àtijọ́ ti já. Ìdí ọ̀pá ewé fẹ̀, ó sì gbá igi náà mọ́ra. Difẹnbákíà nìyẹn. Ká ní kalatíà ni, kò ní sí igi bí ìrèké. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ì bá máa yọ láti inú ilẹ̀ wá, bí ewé eéran ṣe ń yọ nínú igbó.

Àwọn kan máa ń wo oríkèé kékeré tó wà níbi tí ọ̀pá ti pàdé ewé. Ó wà lára ẹbí ewé eéran lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́ní pláǹtì náà ní irú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Iṣẹ́ tí oríkèé náà ń ṣe ló yẹ kí a wò. Ẹ ya ewé náà lọ́sàn-án, kí ẹ tún un yà lóru láti ojú kan náà. Ewé kalatíà á ti nàró sókè lóru bí ẹni tó káwọ́ sókè gbàdúrà. Ti ẹbí kókò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ewé tó pọ́n bí àlùkò tún lè gbè kalatíà lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kalatíà ló ní in.

Ti ọmọ ajá Ìkẹ́nnẹ́ yẹn kò ní dúró de òru. Omi ni kí wọ́n fi ṣan ẹnu rẹ̀, kí wọ́n fún un ní mílíìkì díẹ̀, kí wọ́n má fipá mú un bì, torí abẹ́rẹ́ náà á tún gba ọ̀fun kọjá. Tí ẹnu bá ń wú sí i, tàbí tí èémí ń le, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló kàn. Kí wọ́n di ìyókù ewé tó jẹ sínú ọ̀rá dání lọ, torí fọ́tò kò lè sọ bí èyí tó ti gbé mì ṣe pọ̀ tó.